Àpẹẹrẹ Márùn-ún Kò Lè Ṣe Iṣẹ́ Ìtumọ̀: Àríyànjiyàn Wa Lórí Òwe, Àkànlò Èdè àti Ẹ̀rọ

Ọ̀rọ̀ kan ti ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa láti ìgbà tí a ti dé láti ìsinmi. A ti jà á nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, a ti jà á lórí Wásáàpù títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí kò tán níbẹ̀, a ní kí a kọ ọ́ síbí kí ẹ̀yin náà lè dá sí i. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá sí i, ẹ gbọ́ tiwa ná, nítorí a ti mọ ibi tí a dúró sí, a ò sì ní fi bò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Àwa tí a jẹ́ ọmọ Òsì ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì, àti ọmọ Ìlọ́fà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀, ní ìpínlẹ̀ Kwara, gbé fóònù wa lọ sọ́dọ̀ àwọn bàbá àti ìyá àgbà nígbà ìsinmi. A gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́: lórí ẹní, nídìí ààrò, níbi tí wọ́n ti ń pẹ̀tù sí aáwọ̀. Lẹ́yìn náà a tẹ̀ ẹ́ jáde ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tó kù ni pé kí a pín gbogbo rẹ̀ sí ìsọ̀rí mẹ́ta: òwe, àkànlò èdè, àti gbólóhùn lásán. Ohun tí a bá pín yìí ni yóò di iṣẹ́ àṣekágbá wa, òun náà ni àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò sì máa gbà lò. Bí òwe ìyá kan bá bọ́ sábẹ́ "lásán", kò sẹ́ni tí yóò padà wá a níbẹ̀. Ó ti sọnù nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú ìwé.

Nítorí pé gbólóhùn náà pọ̀, a fẹnu kò pé kí ṣáátìbọ́ọ̀tì kọ́kọ́ pín in, kí àwa máa yẹ̀ ẹ́ wò. Títí dé ibí, a kò jà. Ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ ni bí a ó ṣe sọ iṣẹ́ náà fún un. Àwọn kan ní, "Ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ fún un ní àpẹẹrẹ márùn-ún péré, òun fúnra rẹ̀ á mọ ohun tí ẹ ń wá." Àwa ní rárá. Ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tí òwe jẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tó yé ènìyàn. Ìyẹn ni kí ẹ fún ẹ̀rọ. Àpẹẹrẹ á tẹ̀ lé e, ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ń dojú rú nìkan ni a ó sì lò ó sí.

Ibi tí àṣà àpẹẹrẹ ti wá

Àwọn tó ń gbé àpẹẹrẹ gẹ̀gẹ̀ kò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2020, nígbà tí àwọn tó ṣe GPT-3 gbé ìwé ìwádìí wọn jáde, ohun tó ya gbogbo ayé lẹ́nu ni pé bí ènìyàn bá to àpẹẹrẹ díẹ̀ sílẹ̀, tó sì fi ìbéèrè tuntun sí ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ náà á bá a lọ bí ẹni pé ó ti kọ́ iṣẹ́ náà rí. A kò yí nǹkan kan padà nínú ẹ̀rọ náà. Ó kàn ka ohun tó wà níwájú rẹ̀, ó sì ń kọ ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí irú ẹ̀rọ tí ìyẹn jẹ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n kọ́ ọ ni kó máa parí ọ̀rọ̀. Bí o bá ní, "Jọ̀wọ́ pín gbólóhùn yìí sí ìsọ̀rí," ó lè kọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ mẹ́ta sí i fún ọ, nítorí ó rò pé ìwé ìdánwò lo ń kọ. Àpẹẹrẹ ni ọ̀nà pàtàkì tí a lè gbà fà á sójú ọ̀nà. Láti ọdún 2022 ni àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì kọ́ láti máa gba àṣẹ ti wá gbòde, irú wọn sì ni ṣáátìbọ́ọ̀tì tí gbogbo wa ń lò lónìí. Ẹni tó bá ń kó àpẹẹrẹ lé irú ẹ̀rọ yìí lórí láìsọ ohun tó fẹ́ fún un dà bí ẹni tó ń fọwọ́ ṣàpèjúwe fún ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀ yékéyéké.

Ohun tí àpẹẹrẹ márùn-ún kọ́ ẹ̀rọ wa

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ márùn-ún tí a kọ́kọ́ lò, nítorí àwa náà gbọ́ sí wọn lẹ́nu lákọ̀ọ́kọ́. A fi òwe mẹ́ta síwájú: "Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú; bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn." Èkejì ni "Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó." Ẹ̀kẹta ni "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́." A fi àkànlò èdè kan tẹ̀ lé e: "Ó na pápá bora." A wá fi gbólóhùn lásán kan kádìí rẹ̀: "Mo ra iṣu lọ́jà." Ta ni yóò wo àpẹẹrẹ wọ̀nyí tí yóò ní wọn kò dára? Gbogbo wọn ló tọ̀nà.

Nígbà tí a wá kó gbólóhùn àwọn àgbà fún un, a rí nǹkan méjì. Ìkíní, ó pe "Ìwà lẹwà" ní àkànlò èdè. Èkejì, ìyá kan sọ fún ọmọ ọmọ rẹ̀ pé, "Bí o bá délé, gbé omi kaná kí o tó pe ẹ̀gbọ́n rẹ," ẹ̀rọ náà sì pè é ní òwe.

Ẹ padà lọ wo àpẹẹrẹ wa, ẹ ó rí ìdí rẹ̀. Gbogbo òwe tí a fi hàn án ló gùn. Gbogbo ohun tó kúrú níbẹ̀ kì í ṣe òwe. Òwe àkọ́kọ́ fi "bí" àti "bá" bẹ̀rẹ̀, kò sì sí gbólóhùn lásán kankan tó ní "bí" àti "bá" nínú àpẹẹrẹ wa. Nítorí náà, ohun tí ẹnikẹ́ni tí kò mọ̀ wá lè rí kọ́ níbẹ̀ ni pé òwe ni ohun tó gùn tó sì ní "bí ... bá". A kò sọ bẹ́ẹ̀, a kò sì ní in lọ́kàn. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ kì í sọ èwo nínú ohun tó wà lára rẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Ó kàn gbé ara rẹ̀ kalẹ̀ tòun ti gígùn rẹ̀, àmì ohùn rẹ̀ àti ẹṣin ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì ní kí o fúnra rẹ yàn. Àlàyé ló lè sọ pé, "Má wo gígùn."

Ìyẹn nìkan kọ́. Ní ọdún 2021, Tony Zhao àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé irú ẹ̀rọ báyìí máa ń ṣe ojúsàájú sí ìsọ̀rí tó bá pọ̀ jù nínú àpẹẹrẹ, ó sì tún máa ń tẹ̀ sí ìsọ̀rí tó bá gbẹ̀yìn. Òwe mẹ́ta nínú márùn-ún ni tiwa, gbólóhùn lásán la sì fi kádìí rẹ̀. A ti tì í sápá ọ̀tún, a tún ti tì í sápá òsì, láìmọ̀. Yao Lu àti àwọn tirẹ̀ náà fi hàn nínú ìwé wọn ti ọdún 2022 pé bí a bá kàn tún àwọn àpẹẹrẹ kan náà tò, láìfi ọ̀kan kún un, láìyọ ọ̀kan kúrò, èsì lè yí láti orí èyí tó dára gan-an sí èyí tí kò sàn ju kí a dájú dì lọ. Ẹ gbọ́ o: àpẹẹrẹ kan náà ni, ètò wọn nìkan ló yí padà. Ṣé ohun tí a ó gbé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà lé lórí nìyẹn?

Èyí tó wá dun àwọn alátakò wa jù ni ti Sewon Min àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ní ọdún 2022 kan náà. Wọ́n mú àpẹẹrẹ, wọ́n sì fi ìsọ̀rí tí kò tọ̀nà sí i lára láìwo ojú rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá kọ "òwe" sí iwájú "Mo ra iṣu lọ́jà." Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n dán wò, èsì kò fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ ń rí gbà lára àpẹẹrẹ jù ni orúkọ àwọn ìsọ̀rí tó wà, irú ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀, àti bí ìdáhùn ṣe yẹ kó rí lójú. Ohun tó yà òwe sọ́tọ̀ kọ́ ló ń kọ́ níbẹ̀. Ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń lò. A ò ní parọ́ fún yín: ìwádìí mìíràn ní ọdún 2023 fi hàn pé àwọn ẹ̀rọ tó tóbi gan-an lè tẹ̀ lé ìsọ̀rí tí a dìídì dojú rẹ̀ dé, ìyẹn ni pé àwọn wọ̀nyẹn ń ka àpẹẹrẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé irú èyí ló wà nínú fóònù òun?

Àwọn agbẹ́gilére tí wọ́n fi ń dá wa lóhùn

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn alátakò wa fa ìtàn ìlú wa yọ. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ Òsì àti ọmọ Òkè-Ẹ̀rọ̀, ẹ̀yin lẹ ń sọ pé àpẹẹrẹ kò tó? Ṣé ìwé ni Àreògún kọ fún àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀? Ṣé kì í ṣe wíwò ni wọ́n ń wò ó?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn, a pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Òótọ́ ni pé ilé agbẹ́gilére ni agbègbè wa. Àreògún ti Òsì wà lára àwọn tí orúkọ wọn kò lè parẹ́ nínú iṣẹ́ ọnà Yorùbá. Bámigbóyè ti Odò-Ọwá náà wà níbẹ̀, ẹni tí Yunifásítì Yale ṣe àfihàn ńlá kan fún iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2022. Bándélé, ọmọ Àreògún, ni ó kọ́ Làmídì Fákẹ́yẹ níṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi ìdásílẹ̀ iṣẹ́ ọnà tí àlùfáà Ìjọ Àgùdà, Kevin Carroll, wà nídìí rẹ̀.

Ẹ wo Làmídì dáadáa. Ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n bí i sí ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Ojú rẹ̀ ti kún fún àpẹẹrẹ láti kékeré, kódà ó ti ń gbẹ́gi kó tó dé Ọ̀yẹ́. Bí àpẹẹrẹ bá tó, kí ló ń wá lọ sọ́dọ̀ Bándélé? Ohun tó rí níbẹ̀ ni iṣẹ́ tó ní ìpele, tí ìpele kọ̀ọ̀kan sì ní orúkọ: ọnà lílé, tí a fi ń la igi sí orí, ara àti ẹsẹ̀, àlétúnlé, tí a fi ń fọ́ ìwọ̀nyí sí wẹ́wẹ́, dídán, tí a fi ń mú ojú igi jọ̀lọ̀, àti fínfín, tí a fi ń fi abẹ ya ìlà irun àti ojú. Orúkọ wọ̀nyí ni ìlànà. Ẹni tó bá ti gbọ́ "àlétúnlé" mọ̀ pé àsìkò fínfín kò tí ì tó. Ọ̀gá sì wà níbẹ̀ tó ń sọ pé, "Má tí ì fọwọ́ kan ojú yẹn." Ọmọṣẹ́ ń wò, ó ń gbọ́, wọ́n sì ń tún tirẹ̀ ṣe, fún ọdún gbọọrọ. Ẹ̀rọ tí ẹ kó àpẹẹrẹ márùn-ún fún kò ní ọ̀gá tó ń tún un ṣe. Bí ó bá ṣì í lónìí, ó lè tún ṣì í lọ́la, nítorí àpẹẹrẹ wọ̀nyẹn kò yí inú ẹ̀rọ náà padà.

Ohun kan náà ni ìdáhùn wa fún àwọn tó ń fi MasakhaNEWS gbè lẹ́yìn. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, ó jáde ní ọdún 2023, ó pín ìròyìn sí ìsọ̀rí ní èdè 16 tí a ń sọ ní Áfíríkà, Yorùbá sì wà nínú wọn. Òótọ́ ni pé wọ́n ròyìn pé pẹ̀lú àpẹẹrẹ 10 péré fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, èsì wọn ju ìdá 90 nínú 100 èyí tí odindi ẹ̀kọ́ ń mú wá. Ṣùgbọ́n ẹ ka bí wọ́n ṣe ṣe é. Ọ̀nà tó mú èsì yẹn wá fi àpẹẹrẹ wọ̀nyẹn kọ́ ẹ̀rọ lẹ́kọ̀ọ́ gidi, débi pé inú ẹ̀rọ náà yí padà. Ìyẹn ni ọmọṣẹ́ tó lọ sí Ọ̀yẹ́. Tiyín ni àlejò tí ẹ fi àwòrán márùn-ún hàn lẹ́nu ọ̀nà. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, "àpẹẹrẹ díẹ̀", ṣùgbọ́n ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ohun tí ìyá àgbà sọ fún wa

A fẹ́ sọ ibi tí ojú ti tì wá. Nígbà tí a ní kí a kọ ìlànà, a rí i pé àwa fúnra wa kò mọ ohun tí a ń wá. Ìyá àgbà kan ní Ìlọ́fà ń bá ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń lọ sí ìlú òkèèrè sọ̀rọ̀. Ó ní, "Igi gogoro o, ọmọ mi." Ó parí síbẹ̀. Mẹ́ta nínú wa dá gbólóhùn yìí sí ìsọ̀rí, a sì mú ìsọ̀rí mẹ́ta wá. Ẹnì kan ní òwe ni. Ẹnì kan ní àpólà lásán ni, kò pé, nítorí náà àkànlò ni. Ẹnì kẹta ní igi ló ń sọ, lásán ni.

A padà lọ bá ìyá. A kúnlẹ̀, a ní, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ṣé òwe lẹ pa lọ́jọ́ náà? Ẹ ò ṣáà parí rẹ̀." Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta ni mo fẹ́ parí ẹ̀ fún? Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Ṣé ẹ fẹ́ kí n bú ọmọ mi ni?"

Gbólóhùn ìyá yìí ló yanjú ọ̀rọ̀. Ìdajì òwe jẹ́ òwe bí olùgbọ́ bá lè parí rẹ̀. Ìlànà nìyẹn, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni. Bí a bá tẹ̀ lé àwọn alátakò wa, a kì bá ti mọ̀ láéláé pé a kò fẹnu kò. Ẹnì kan nínú wa ì bá yan àpẹẹrẹ bó ṣe yé e, ẹlòmíràn ì bá tún ọ̀kan fi síbẹ̀ lọ́la, àpẹẹrẹ á sì máa ta kora wọn lábẹ́lẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Ẹ̀sùn wa tó tóbi jù sí àpẹẹrẹ nìyí. Ó máa ń jẹ́ kí ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ òwe àti àkànlò ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Àlàyé kò gba irú ìyẹn. Bí o bá jókòó láti kọ ọ́, tí kò sì sí nínú rẹ, bébà á wà lófìfo.

Ohun tí a kọ nígbẹ̀yìn kò pọ̀. Òun nìyí:

```
Iṣẹ́: Fi gbólóhùn tó tẹ̀ lé >> sí ìsọ̀rí kan:
ÒWE, ÀKÀNLÒ tàbí LÁSÁN. Má wo gígùn rẹ̀.
ÒWE: ọ̀rọ̀ tó dá dúró, tí àwọn ènìyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀,
tí a fi ń sọ ohun mìíràn. Ìdajì òwe jẹ́ ÒWE
bí olùgbọ́ bá lè parí rẹ̀.
ÀKÀNLÒ: àpólà nínú gbólóhùn, tí ìtumọ̀ rẹ̀
kò sí nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi hun ún.
LÁSÁN: gbogbo èyí tó kù, kódà bó ní "bí ... bá".
Bí ÒWE àti ÀKÀNLÒ bá pàdé, kọ ÒWE.
Kọ orúkọ ìsọ̀rí nìkan.
```

Ibi tí àpẹẹrẹ ti wúlò

A kì í ṣe ọ̀tá àpẹẹrẹ. Ohun mẹ́ta wà tí àlàyé wa kò lè gbé dáadáa, àpẹẹrẹ la sì fi gbé e.

Àkọ́kọ́ ni ààlà. A lè sọ pé ìtumọ̀ àkànlò kò sí nínú ọ̀rọ̀ tí a fi hun ún, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ gbólóhùn méjì yìí: "Bàbá fi àáké kọ́rí, ó ní òun ò lọ," àti "Bàbá fi àáké kọ́ èjìká, ó lọ sóko." Àáké wà nínú méjèèjì. Àkànlò ni ti àkọ́kọ́, lásán ni ti èkejì. Bí a bá fi méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ̀rọ á rí ibi tí ọ̀nà ti yà. Irú àpẹẹrẹ yìí, tó jọra ní gbogbo ọ̀nà àfi ní ibi tó ṣe kókó, sàn ju òwe mẹ́wàá tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ní òwe. Ẹni tó bá fi "Mo ra iṣu lọ́jà" kọ́ ẹ̀rọ ní ohun tí a ń pè ní lásán kò tí ì kọ́ ọ ní nǹkan kan, nítorí kò sẹ́ni tó ń ṣi ìyẹn mú.

Èkejì ni bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lójú. Ọ̀pọ̀ nínú wa tẹ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà lórí fóònù láìfi àmì ohùn sí i: "Bi o ba dele, gbe omi kana." Àpẹẹrẹ wa àkọ́kọ́ ní àmì ohùn pé pérépéré. Ẹ̀rọ rí aṣọ kan nínú àpẹẹrẹ, ó rí aṣọ mìíràn lára iṣẹ́. Nítorí náà a fi àpẹẹrẹ tí kò ní àmì kún un.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀ka èdè. Ẹni tó ń fọ Èkìtì á pe ilé ní ulé, iṣu ní uṣu, iṣẹ́ ní uṣẹ́. Ẹ̀rọ tó jẹ́ pé Yorùbá ìwé ìròyìn ló pọ̀ jù nínú ohun tó kà lè gbọ́ òwe kan náà ní ẹ̀ka èdè wa kó má mọ̀ ọ́n mọ́. Kò sí àlàyé tó lè ka gbogbo ìyàtọ̀ yẹn tán. Àpẹẹrẹ méjì mẹ́ta á là á lóye ju ojú ewé kan lọ.

Nítorí náà, àpẹẹrẹ mẹ́fà la fi sí ìsàlẹ̀ ìlànà wa, méjì fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan kí ọ̀kan má bàa pọ̀ ju èkejì. "Ìwà lẹwà" wà níbẹ̀, nítorí ó kúrú. "Igi gogoro o, ọmọ mi" wà níbẹ̀, nítorí ó jẹ́ ìdajì. Gbólóhùn omi kíká wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí lásán, láìní àmì ohùn. Òwe, àkànlò àti lásán pọ̀ mọ́ra wọn, a kò to òwe sí òkè kí lásán wà nísàlẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ bóyá a parọ́

Ẹ má gbà wá gbọ́ lásán. Ẹ dán an wò báyìí. Ẹ mú gbólóhùn 60 tí ẹ̀rọ kò tí ì rí, tí kò sì sí nínú àpẹẹrẹ. Kí ẹni méjì pín in lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìwo ìwé ara wọn. Ibi tí wọ́n bá ti yàtọ̀, ìlànà ló kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀. Ẹ padà lọ tún un kọ kí ẹ tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fún ẹ̀rọ ní 60 náà ní ọ̀nà mẹ́ta: ìlànà nìkan, àpẹẹrẹ nìkan, àti méjèèjì.

Bí ẹ bá fẹ́ ka èsì, ẹ kà á ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Ká ní 45 nínú 60 jẹ́ gbólóhùn lásán, òwe jẹ́ 10, àkànlò jẹ́ 5. Ẹ̀rọ tó bá ń pe gbogbo nǹkan ní lásán á gba 45 nínú 60, ìyẹn ìdá 75 nínú 100. Ẹ ó máa yọ̀, bẹ́ẹ̀ kò rí òwe kan ṣoṣo. Ìbéèrè tó yẹ ni: nínú òwe 10, mélòó ló rí? Nínú àwọn tó pè ní òwe, mélòó ló jẹ́ òwe lóòótọ́?

Kí ẹ tó parí, ẹ ṣe ìdánwò kékeré méjì. Ẹ yí ètò àpẹẹrẹ padà, kí èyí tó gbẹ̀yìn di àkọ́kọ́. Bí ìdáhùn bá yí padà lórí ọ̀pọ̀ gbólóhùn, ètò lẹ ń wọ̀n, kì í ṣe òwe. Lẹ́yìn náà, ẹ dìídì fi ìsọ̀rí tí kò tọ́ sí àwọn àpẹẹrẹ náà. Bí èsì bá wà bó ṣe wà, ẹ̀rọ náà kò ka ìsọ̀rí tí ẹ fi sí i, ọgbọ́n tó ti ní tẹ́lẹ̀ ló ń ná. Bí èsì bá sì dojú dé, ó ń kà á dáadáa, ìyẹn sì túmọ̀ sí pé àpẹẹrẹ kan tí ẹ bá ṣì yàn lè ba odindi iṣẹ́ jẹ́. Èyí tó wù kó jẹ́, kò sí èyí tó gbe àwọn alátakò wa.

Ẹni tó bá ní àpẹẹrẹ márùn-ún òun ju ìlànà wa lọ, kó mú gbólóhùn 60 tirẹ̀ wá, kí ẹni méjì ti pín in, ká jọ kà á. Bí ó bá borí wa, a ó kọ ọ́ síbí pẹ̀lú ọwọ́ ara wa. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ sọ fún wa, ní gbólóhùn kan, ohun tí òwe jẹ́. Bí kò bá lè sọ ọ́ fún àwa tí a jọ ń ka Yorùbá, báwo ló ṣe fẹ́ kí ẹ̀rọ gbọ́ ọ?